Síífì 58 ló dé, ẹnì kan ni mo fẹ́ gbà

Ìyá Ajílẹ̀ (Kàbà)

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun o. Ṣọ́ọ̀bù ajílẹ̀ àti oògùn oko ni mo ní. Èmi nìkan ni mo ti ń dá a ṣe, ó ti wá ju agbára mi lọ. Mo ń wá ẹnì kan tí yóò máa tajà, tí yóò sì máa kọ ìwé ọjà. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo tún gbé e sí Wásáàpù. Síífì 58 ló dé. Mi ò ní ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mi ò ní ẹ̀rọ kankan tó ń bá èèyàn ṣà á. Fóònù mi àti ìwé ìkọ̀wé ni mo ní. Mo ka bíi 20, gbogbo wọn jọra lójú mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

* * *

Alákọsílẹ̀ (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ dáwọ́ kíkà dúró ná.

Wọ́n jọra nítorí pé kì í ṣe àwọn ọmọ yẹn ló kọ ọ́. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní ilé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́. Ó ní fọ́ọ̀mù kan lórí ẹ̀rọ rẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ló kàn ń pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìnàjò, tí gbogbo wọn sì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀bùn wọn yóò ti wúlò fún ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́ yín. Tí ẹ bá ń fi gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe ìdájọ́, ẹni tó ń tẹ̀wé lẹ fẹ́ gbà síṣẹ́ yẹn.

Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé yín kí ẹ tó tún ṣí síífì kankan. Ẹ kọ ohun tí ẹni yìí yóò máa ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ sílẹ̀, bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an. Ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, aago mélòó? Ta ló ń ka àpò tí wọ́n bá já sílẹ̀ láti inú ọkọ̀? Ta ló ń gba owó, tó ń gba àláàtì, tó ń kọ àwìn? Ẹ wá yọ ohun tó jẹ́ pé tí ẹnì kan kò bá ní in, iṣẹ́ náà kò lè ṣeé ṣe. Kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Tó bá di mẹ́jọ, ẹ ti ń kọ ohun tó wù yín nìyẹn, kì í ṣe ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè.

Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ibí, ká jọ wò ó.

* * *

Ìyá Ajílẹ̀

Àkọ́kọ́, kí ó lè dé ṣọ́ọ̀bù kí aago 7:30 tó lù, Sátidé pẹ̀lú, nítorí àwọn àgbẹ̀ máa ń tètè dé kí wọ́n tó lọ sóko. Èkejì, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ọjà, kí n lè kà á. Ẹ̀kẹta, kí ó gbọ́ Yorùbá, kí ó sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó wà lára ike oògùn.

Mo fẹ́ fi kún un pé kí ó jẹ́ ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run.

* * *

Alákọsílẹ̀

Mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ẹ yọ ẹ̀kẹrin. Kò sí bí ẹ ó ṣe rí i lórí ìwé. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé àwọn bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni pé kí ó má jí owó, a ó débẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń wá ìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí dìgírì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́, mi ò fi sí yín lẹ́nu.

* * *

Olùkọ́ Àgbà (Mọ̀pá)

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ to ìwé ẹ̀rí wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹni tó ní dìgírì ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó ka pọ́lì, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó ní Wáẹ̀kì nìkan. Ẹ pe márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tó kàwé jù ni orí rẹ̀ pé jù, yóò tètè mọ iṣẹ́. Ohun mìíràn, ẹ wo ọdún tó fi kàwé. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà ka ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ẹ mọ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ má sì gbàgbé pé òfin ti sọ pé 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù, ẹ ò lè san ohun tó kéré sí i, nítorí náà ẹ kúkú fi gba ẹni tó kàwé dáadáa.

* * *

Bàbá Búrẹ́dì (Ìsánlú)

Olùkọ́, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé búrẹ́dì ni mo ní. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbà ní dìgírì nínú ìṣirò owó. Ọmọ dáadáa ni, kò jí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ orúkọ àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi tán tí iṣẹ́ fi jáde ní Ọ̀bàjànà, ó sì lọ. Mi ò bá a jà, èmi náà yóò lọ. Owó àwìn ló dùn mí, nítorí òun nìkan ló mọ ẹni tó jẹ wá lówó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò wo síífì rárá. Ẹ má bi mí léèrè bó ṣe parí. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ ni pé tí ẹ bá gba ọmọ ìyá yín, ẹ ò lè lé e lọ kí ọdún Kérésìmesì má bàjẹ́ fún gbogbo ẹbí.

* * *

Alákọsílẹ̀

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jàre díẹ̀, ẹ sì jẹ̀bi díẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹni tó kàwé máa ń tètè gbọ́ àlàyé. Òótọ́ sì ni ohun tí Bàbá Búrẹ́dì sọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ìyẹn sọ pé kí Ìyá ju gbogbo ẹni tó ní dìgírì nù. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ kúrò ní Kàbà, bóyá ọkọ wọn wà níbẹ̀, bóyá òbí wọn ti dàgbà. Bíbi ni à ń bi wọ́n, a kì í fi ìwé ẹ̀rí sọ àsọtẹ́lẹ̀.

Ti ọdún ìkàwé yẹn ni mi ò gbà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kẹta títí fi di ìparí ọdún ní 2020. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022, ó di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó wọ yunifásítì ìjọba ní 2018 láti ka ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin bọ́ sáàárín méjèèjì. Tó bá jáde ní 2023, kò ṣe ọ̀lẹ. Ó dúró de olùkọ́ ni.

Ní ti owó oṣù, 70,000 náírà ni lóòótọ́ láti oṣù Keje 2024. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìyá kò tíì ní ẹyọ kan. Iye tí agbára wọn bá gbé, kí wọ́n sọ ọ́ síta kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fi owó oṣù pamọ́ di ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ ó ṣà á tán, ẹni tí ẹ ṣà yóò sì kọ̀.

* * *

Olùkọ́ Àgbà

Ti 25 yẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ti dìgírì, mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ.

* * *

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ káàsán o. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Mo ní dìpúlómà nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn, mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ta ni kí n fi síífì mi ránṣẹ́ sí?

* * *

Bàbá Búrẹ́dì

Ọmọ mi, a kò gba síífì níbí, àwọn tó ti dé là ń bá Ìyá ṣà.

* * *

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, mi ò ka òkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ń ṣà ni mo wà. Ẹni tó tẹ síífì mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti sìn gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Mi ò sìn. Ti ẹni tó tẹ̀wé ṣáájú mi ló gbàgbé síbẹ̀. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan pè mí, tí wọ́n bi mí ní ìpínlẹ̀ tí mo ti sìn, ni mo tó mọ̀. Ojú tì mí. Wọ́n pè mí ní onírọ́, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti sanwó ìtẹ̀wé, mi ò lówó láti tún òmíràn tẹ̀.

* * *

Alákọsílẹ̀

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, o ṣeun. Ìyá, ẹ ka èyí dáadáa, torí pé ọjọ́ àti ọdún nìkan ni nǹkan gidi tí síífì lè sọ fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kà á.

Ẹni tó jáde dìgírì tàbí dìpúlómà gíga ti pọ́lì ni ìjọba ń pè sí àgùnbánirọ̀. Ẹni tí dìpúlómà ọdún méjì jẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó ga jù, wọn kì í pè é. Nítorí náà, tí ẹ bá rí dìpúlómà ọdún méjì, tí ẹ tún rí ọdún kan àgùnbánirọ̀ lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ irọ́, ó sì lè jẹ́ ohun tó ṣe Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ má fà á ya. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, kí ẹ bèèrè lórí fóònù: “Mo rí i pé o ti sìn, ìpínlẹ̀ wo ni?” Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ àṣìṣe ìtẹ̀wé yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò sìn rí. Ẹni tó ń purọ́ yóò dá ìpínlẹ̀ kan sílẹ̀. Tí ẹ bá wá bèèrè ibi tí wọ́n pín in sí láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí ohùn yóò ṣe yí padà.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tó ní dìgírì tí kò ní ìwé àgùnbánirọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ìyá, ẹ ò nílò rẹ̀ fún títa ajílẹ̀.

Ti àlàfo ọdún, ìyẹn ibi tí ẹ ti rí i pé ẹnì kan ṣiṣẹ́ di 2021, tí kò sí nǹkankan mọ́ títí di 2024: ẹ bi gbogbo ẹni tó ní àlàfo ní ìbéèrè kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà. “Kí lo ń ṣe láàárín ìgbà yẹn?” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bèèrè bóyá oyún ni, ẹ má bèèrè bóyá àìsàn ni. Ní ìlú wa, ẹni tó ní àlàfo máa ń jẹ́ ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà tí kò mọ̀ pé ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́, kò sì sí àyè rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù ilé kọ̀ǹpútà.

* * *

Ìyá Ajílẹ̀

Ó yé mi. Mo ti fi ohun mẹ́ta yẹn wo gbogbo wọn lálẹ́ àná. Àwọn tó wà ní Lọ́kọ́ja tí wọn kò sọ pé àwọn lè kó wá, mo yọ wọ́n. Àwọn tí kò ní nọ́ńbà tó ń lọ, mo yọ wọ́n. Ó ku 31. Ṣùgbọ́n ti kíkọ ìwé ọjà, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n látorí ohun tí ẹlòmíràn tẹ̀?

* * *

Alákọsílẹ̀

Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n látorí rẹ̀. Ibí yìí la ti ń pa síífì tì.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn 31, kí ẹ ní kí wọ́n fi bírò dáhùn lórí ìwé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n gbé e wá. Kì í ṣe títẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí èmi máa ń ní kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bèèrè nìyí, ẹ tún un ṣe bó ṣe wù yín:

“Sọ ìgbà kan tí o ka owó tàbí ọjà tí kò pé. Èló tàbí mélòó ni kò pé, kí lo sì ṣe?”

“Ọ̀gá kò sí nílé. Mọ̀lẹ́bí ọ̀gá dé, ó fẹ́ gba àpò ajílẹ̀ mẹ́ta láwìn. Kí ni wàá ṣe?”

“Aago 7:30 la ń ṣí, Sátidé wà níbẹ̀, iye báyìí la ń san. Ṣé o lè ṣe é, ibo lo sì máa ń gbé?”

Ọ̀pọ̀ kò ní dáhùn. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì lé wọn. Ẹni tí kò lè kọ ojú ewé kan fún iṣẹ́ tó ń wá kò ní kọ ìwé ọjà yín lójoojúmọ́.

Nígbà tí ìdáhùn bá dé, ẹ ní kí ọmọ yín fi bébà bo orúkọ, kí ó kọ nọ́ńbà sí i. Mo mọ ìlú wa. Ẹ ó rí orúkọ bàbá kan, ẹ ó rántí ìjà ilẹ̀ tó ti wà tipẹ́, ọwọ́ yín yóò sì wúwo láì jẹ́ pé ẹ mọ̀.

* * *

Bàbá Búrẹ́dì

Èyí ni mi ò fara mọ́. Bo orúkọ kẹ̀? Nílẹ̀ wa níbí, ọmọ ta ni ọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Tí owó bá sọnù, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Onídùúró méjì ni mo máa ń gbà kí n tó ka ohunkóhun.

* * *

Alákọsílẹ̀

Ẹ gba onídùúró, Bàbá, mi ò ní kí ẹ má gbà. Ìgbà tí ẹ fẹ́ gbà á ni mo ń bá yín jà lé lórí. Tí onídùúró bá ṣáájú, ọmọ tí bàbá rẹ̀ lóókọ nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ yín. Ọmọ tálákà tó lè kàwé ọjà jù wọ́n lọ ti lọ. Ẹ ṣà á tán ná. Ẹni tó bá kù, kí ó mú onídùúró wá.

Ohun mìíràn ni pé onídùúró yàtọ̀ sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọmọ náà. Pásítọ̀ rẹ̀ lè dúró fún un, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ kò rí i rí níbi tó ti ń ka owó. Ẹ wá ẹni tó ti gbà á síṣẹ́ rí, kódà kí orúkọ ẹni náà má sí lórí síífì. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan tó ń já mọ́ nǹkan: “Tí àyè bá tún ṣí lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ ó tún gbà á?” Ẹ fetí sí bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó dáhùn.

* * *

Bàbá Búrẹ́dì

Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ò ní bo orúkọ.

* * *

Ìyá Ajílẹ̀

Ìdáhùn ti dé, ẹni 19 ló kọ. Ọmọ mi ló bo orúkọ. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mẹ́ta ló dá dúró lójú mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ fi wọ́n wéra. Ẹ gbọ́ wọn.

Nọ́ńbà 7 ní dìgírì, síífì rẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́ta, ó dán. Lórí owó tí kò pé, ó kọ ọ́ pé òun jẹ́ olóòótọ́, pé òun máa ń fọkàn sí iṣẹ́. Lórí àwìn, ó ní òun yóò lo ọgbọ́n.

Nọ́ńbà 23 ní dìpúlómà nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn, níbí ní Kàbà ló ti kà á. Síífì rẹ̀ kún fún àṣìṣe. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí òun ń bá ìyá òun ta ẹ̀wà, kóńgò mẹ́rin dín nínú àpò kan, òun wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, òun rí i pé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn ló ti dín, wọ́n sì wá ẹlòmíràn tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí àwìn, ó ní òun yóò pè mí.

Nọ́ńbà 41 ní Wáẹ̀kì nìkan. Ó ti ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan fún ọdún mẹ́rin, ó wá ní àlàfo ọdún méjì. Ó kọ ọ́ pé 2,300 náírà dín lálẹ́ ọjọ́ kan, òun kọ ọ́ sínú ìwé kí òun tó sọ fún ọ̀gá, lọ́jọ́ kejì wọ́n rí i pé àláàtì kan ni kò tíì wọlé. Lórí àwìn, ó ní kò sí àwìn fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí, mọ̀lẹ́bí tàbí àlejò. Ṣùgbọ́n ìlú Ìyàrá ló ń gbé.

* * *

Alákọsílẹ̀

Ìyá, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tó le jù. Ẹ fa ìlà sínú ìwé ìkọ̀wé yín: nọ́ńbà ní apá òsì, lẹ́yìn náà òpó mẹ́ta. Òpó kan fún ìṣirò àti àkọsílẹ̀, òpó kan fún bíbá oníbàárà lò, òpó kan fún àkókò àti ibùgbé. Ẹ fún wọn ní òdo sí mẹ́ta nínú òpó kọ̀ọ̀kan. Òdo ni kò sí ẹ̀rí rárá. Ọ̀kan ni ó sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Méjì ni ó fún wa ní àpẹẹrẹ. Mẹ́ta ni àpẹẹrẹ tó ní iye, tó sì sọ ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé àkọsílẹ̀ ni ẹ ń wá jù, ẹ fi méjì sọ òpó yẹn di ìlọ́po.

Bí mo ṣe wò ó látorí ohun tí ẹ kọ: nọ́ńbà 7 gba ọ̀kan nínú ìṣirò, ó di méjì. Ó gba ọ̀kan fún oníbàárà. Ẹ ò sọ ibi tó ń gbé, ẹ jẹ́ ká fún un ní mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6. Nọ́ńbà 23 gba mẹ́ta nínú ìṣirò, ó di 6, nítorí ó sọ iye, ó sì sọ bó ṣe wá ìdí rẹ̀. Méjì fún oníbàárà, mẹ́ta fún ibùgbé tó bá jẹ́ pé Kàbà náà ló wà. Ó jẹ́ 11. Nọ́ńbà 41 gba mẹ́ta, ó di 6, mẹ́ta fún oníbàárà, ọ̀kan fún ibùgbé. Ó jẹ́ 10.

Ẹ má jẹ́ kí 11 àti 10 tàn yín jẹ o. Ìyàtọ̀ kan kì í ṣe nǹkankan. Ohun tí máàkì náà sọ ni pé 23 àti 41 wà níbì kan, 7 wà níbòmíràn. Ẹ ò ní fi máàkì yan láàárín àwọn méjì tó kù. Ẹ wá ṣàkíyèsí pé tí ẹ bá tẹ̀lé Olùkọ́ Àgbà, 7 nìkan ni ẹ ì bá pè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

* * *

Olùkọ́ Àgbà

Mo rí ọ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n 41 ló bá a kọ ọ́?

* * *

Alákọsílẹ̀

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, Olùkọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ìdí nìyẹn tí kò fi parí síbẹ̀.

Ìyá, ẹ pe àwọn méjì yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fún wọn ní bírò àti ìwé. Ẹ ka èyí sí wọn létí: “Láàárọ̀, àpò ajílẹ̀ 40 ló wà nílẹ̀. A ta 17 lówó. A ta 6 láwìn. A tú 1 láti máa fi kóńgò tà. Nírọ̀lẹ́, a ka èyí tó kù tí a kò tíì tú, 15 la bá. Kọ ọ́ sínú ìwé ọjà.” Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn.

Tí ẹ bá yọ 17, 6 àti 1 kúrò nínú 40, 16 ló yẹ kó kù. Àpò kan ti sọnù. Mo ti rí ẹni mẹ́ta níbí. Ẹni tí kò rí i rárá. Ẹni tó rí i, tó wá sọ 17 di 18 kí ìṣirò lè bá a mu. Ẹni tó kọ 15, tó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, tó sì pè yín pé “Mà, àpò kan kò pé.” Ẹni àkọ́kọ́, ẹ lè kọ́ ọ. Ẹni kejì ni kí ẹ bẹ̀rù, ìṣirò rẹ̀ sì lè dára ju ti gbogbo wọn lọ. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí ẹ ń wá lẹ́ẹ̀kan, ibí ló ti máa ń hàn.

Ẹ tún wo bí ìkọ̀wé ọwọ́ náà ṣe bá èyí tó fi ránṣẹ́ mu. Ó ti dá Olùkọ́ lóhùn nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ ṣe bí àgbẹ̀ tó ń bèèrè parákúátì, oògùn apakoríko yẹn. Náfídáàkì ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní 2024. Mi ò retí kí ẹni tuntun mọ ìyẹn. Ohun tí mò ń wò ni bóyá yóò sọ pé “Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá mi” tàbí yóò kàn na ọwọ́ sí ike èyíkéyìí tó wà nítòsí.

* * *

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó wá láti Ìyàrá yẹn, ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ rẹ̀? Wọ́n ti pè mí rí fún àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, mo ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, mo ta ọjà wọn, wọ́n ní àwọn yóò pè mí. Wọn ò pè mí.

* * *

Bàbá Búrẹ́dì

Àyẹ̀wò ni, kì í ṣe iṣẹ́. A kì í sanwó àyẹ̀wò.

* * *

Alákọsílẹ̀

Ìdajì wákàtí pẹ̀lú bírò àti ìwé, àyẹ̀wò ni. Tó bá ti ta ọjà fún oníbàárà yín, tí owó wọ àpò yín, iṣẹ́ ti ni, kí ẹ sanwó ọjọ́ náà. Ti owó ọkọ̀, èmi máa ń ní kí wọ́n san án, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kì í san án.

Ìyá, ẹ má gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má bèèrè nọ́ńbà báńkì wọn títí ẹ ó fi gbà wọ́n. Ìwé ẹ̀rí Wáẹ̀kì, ẹni tí ẹ bá yàn nìkan ni kí ó gbé ojúlówó rẹ̀ wá. Tí ó bá ní káàdì tí wọ́n fi ń wò ó, ẹ lè jọ wò ó lórí waecdirect.org níwájú rẹ̀. Àwọn síífì 57 tó kù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di bébà tí ẹ fi ń pọ́n ọjà. Àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì wà. Ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù, ẹ sun ti bébà. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí àwọn 18 tó kọ̀wé pé a ti rí ẹni gbà.

* * *

Ìyá Ajílẹ̀

Àwọn méjèèjì ti wá. 41 rí àpò tó sọnù, ó sì bi mí bóyá mo ti ka ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àlàfo ọdún méjì yẹn, ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú. 23 kò rí i lákọ̀ọ́kọ́, ó ti fẹ́ jáde kí ó tó padà wá, ó ní nǹkan kan kò bá a mu. Ọ̀gá àtijọ́ 41 ní òun yóò tún gbà á lọ́la. Ṣùgbọ́n Ìyàrá sí Kàbà lójoojúmọ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ìsinsìnyí, á jẹ púpọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. 23 ń gbé nítòsí mi, ó sì mọ oògùn oko ju èmi gan-an lọ.

* * *

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ gba 23. Ó kàwé.

* * *

Bàbá Búrẹ́dì

41 ni. Ẹni tó ti tajà fún ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́rin, kí lẹ tún ń wá? Ẹ wá yàrá fún un ní Kàbà.

* * *

Alákọsílẹ̀

Èmi kò ní yàn fún yín, Ìyá. Ẹ bi 41 bóyá yóò kó wá sí Kàbà, kí ẹ má ṣe dáhùn fún un. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Tó bá ní òun yóò máa wọkọ̀, 23 ni. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá gbà, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀: owó, àkókò, ọjọ́ ìsinmi, àkókò ìdánwò. Oṣù mẹ́ta ni òfin iṣẹ́ fún yín láti fi ìwé yẹn lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ló dára jù. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà ẹnì kejì pamọ́ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

* * *

Ìyá Ajílẹ̀

Mo ti pè é. Ó ní kí òun bá ìyá òun sọ̀rọ̀ ná, yóò fún mi lésì lọ́jọ́ Ẹtì.